Dóméènì àti orúkọ Instagram tẹ́ ẹ fẹ́ ti lọ: èwo lẹ máa mú nínú ọ̀nà mẹ́ta yìí?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú níbí l'Abẹ́òkúta ló pè mí, ó ní owó dóméènì ti wà nílẹ̀, kí n bá òun ra asoadunni.com, torí Aṣọ Àdùnní lorúkọ ọjà ẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ wò, ó ti lọ. Mo wọ Instagram, @asoadunni náà ti lọ, ẹni tó mú un ò tiẹ̀ fi fọ́tò kankan síbẹ̀. Ó dùn ún gan-an, torí ó ti tẹ orúkọ yẹn sára ọ̀rá tó fi ń di aṣọ fún kọ́sítómà. Ọ̀nà mẹ́ta la wá gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ọ̀nà kìíní, ká fi orúkọ sílẹ̀ bó ṣe wà, ká kàn yí ìrù ẹ̀ padà sí asoadunni.com.ng. Náírà lẹ máa fi san án, ó sì máa ń dínwó ju .com tó ń bá dọ́là lọ sókè lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni .com ṣì wà níbẹ̀ o. Ọwọ́ àwọn èèyàn ti mọ́ .com, kọ́sítómà tó fẹ́ kọ ímeèlì pé òun fẹ́ yáàdì mẹ́wàá máa tẹ info@asoadunni.com, lẹ́tà yẹn máa lọ bá ẹlòmíì, tó bá sì jẹ́ pé ẹni yẹn ṣètò ímeèlì ẹ̀ láti gba gbogbo ohun tó bá wọlé, kò ní padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́, ẹ ò sì ní mọ̀ láé pé ẹnì kan wá ra ọjà. Tó bá tún wá jẹ́ pé aṣọ lòun náà ń tà, ẹ fi orúkọ yẹn sílẹ̀ fún un pátápátá.

Àwọn kan máa ní kí á dúró kó ṣófo. Ẹ lè wo ọjọ́ tó máa parí lórí lookup.icann.org, àmọ́ kì í já bọ́ lọ́jọ́ tó parí. Wọ́n lè fún ẹni tó ni í ní ọjọ́ tó tó 45 láti san owó, lẹ́yìn náà ọjọ́ 30 tó ṣì lè fi owó gọbọi gbà á padà, ká tó wá ka ọjọ́ 5 tó kẹ́yìn. Ọjọ́ 80 nìyẹn, ẹni tó ní ọjà nílẹ̀ ò lè dúró bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ká fi àmì sáàárín, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ sá lọ bá, òun ni mi ò sì fẹ́ rárá. Dóméènì ń gba háífìn, ìyẹn ìlà àárín, kò gba ọ̀ndásíkọ̀, ìyẹn ìlà ìsàlẹ̀. Instagram ń gba ọ̀ndásíkọ̀ àti dọ́ọ̀tì, kò gba háífìn, X ò sì gba dọ́ọ̀tì pàápàá. Ìyẹn ni pé aso-adunni.com àti @aso_adunni ti di orúkọ méjì kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi pe kọ́sítómà kan n'Ìbàdàn, ó ní "aso, ọ̀ndásíkọ̀, adunni", ìyẹn ní "ìlà ti ìsàlẹ̀ ni àbí ti àárín?", ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò rí i.

Ọ̀nà kẹta ni ká fi ọ̀rọ̀ kan kún un, lẹ́tà lásán, torí lẹ́tà àti nọ́ńbà nìkan ni gbogbo wọn jọ ń gbà. A kọ́kọ́ rò ó sí asoadunniabeokuta, lẹ́tà 17 nìyẹn. Instagram ń gba 30, TikTok 24, àmọ́ 15 ni X máa dúró sí. A dín in kù sí asoadunniegba, 13, ó wọlé. A wá tún wo adunniadire, 11, òun ló sì dáa jù lójú tèmi, torí ẹni tó bá rí i ti mọ ohun tá à ń tà.

Ẹ má ṣe gbà pé orúkọ ṣófo torí pé ojú ìwé instagram.com/adunniadire ò ṣí o. Àkáǹtì tí wọ́n ti pa lè ṣì di orúkọ mú. Inú àpótí tẹ́ ẹ ti ń yí orúkọ padà nínú àkáǹtì tiyín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sí, ibẹ̀ lẹ máa ti mọ òótọ́. Ẹ sì má ra orúkọ Instagram lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òfin wọn ò gbà á, ẹni tó tà á fún yín lè tún gbà á padà.

A kọ́kọ́ gba orúkọ Instagram, TikTok àti X torí ọ̀fẹ́ ni wọ́n, ká tó sanwó dóméènì ní wákàtí kan náà. Owó ọdún kejì la wò ká tó san, torí àwọn ìrù bíi .shop àti .store máa ń wá ní owó kékeré lọ́dún àkọ́kọ́, kí ọdún kejì tó wá gbówó lórí.

Ọ̀rá tó ti tẹ̀ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Sítíkà kékeré tí wọ́n kọ adunniadire.com sí ló ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ Aṣọ Àdùnní báyìí.