Láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí mo rà fún àbúrò mi tó jáde yunifásítì: ohun tójú mi rí ní Sábó, Ìkòròdú

Orúkọ ilé-iṣẹ́ òkè òkun kan tí a ò gbọ́ rí ló yọ lójú láàpútọ́ọ̀pù tí mo fowó ara mi rà fún àbúrò mi. Ilé-iṣẹ́ ọ̀hún kí i káàbọ̀, wọ́n wá ní kó tẹ í-meèlì tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ wọn àti páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀ kó tó lè wọlé. Kò sí ibi tó lè tẹ̀ tó máa fi kọjá ibẹ̀. Alẹ́ ni, àárọ̀ ọjọ́ kejì ló sì ní ìdánwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún iṣẹ́ kan tó ti ń retí látìgbà tó ti parí. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wò mí. Bínú ṣe bí mi lálẹ́ ọjọ́ náà ló jẹ́ kí n kọ èyí.

Akántíìnì ni àbúrò mi kà, ní yunifásítì tó wà lójú ọ̀nà Ṣàgámù níbí, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní Pólì nítorí pé ọdún 2022 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di yunifásítì. Nígbà tó kù díẹ̀ kó jáde, aṣọ ẹbí, kéèkì àti fọ́tò ńlá tí wọ́n máa gbé kọ́ ògiri ni gbogbo ilé ń sọ. Mo ní kí wọ́n ṣe tiwọn, èmi máa ra ohun tó máa fi wáṣẹ́. Ẹni tó bá ń wáṣẹ́ lásìkò yìí mọ̀ pé fóònù ò tó. Ìdánwò tí wọ́n fi ń ṣa èèyàn máa ń ní aago tó ń kà sílẹ̀, àwọn mìíràn á ní kó o ṣí kámẹ́rà sílẹ̀ títí tó o fi máa parí, èyí tó bá sì jẹ mọ́ ìṣirò owó, wọ́n á kó Excel síwájú rẹ pé kó o ṣe é lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ṣe ìyẹn dáadáa lórí fóònù.

Tuntun ti kọjá agbára mi, torí náà tòkunbọ̀ ni mo wá lọ sí Sábó. ₦285,000 ni mo ra èyí tí mo rà. Mi ò ní ṣàbòsí, ọmọkùnrin tó tà á fún mi ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà. Òun ló sọ fún mi pé kí n má ra èyí tó rọjú ní ṣọ́ọ̀bù kejì, nítorí pé Microsoft ti jáwọ́ nínú títọ́jú Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, àti pé tó bá jẹ́ Intel ló ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ìran kẹjọ sókè ni Windows 11 ń fẹ́. Ó fi bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n hàn mí: nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5 nínú orúkọ ọpọlọ náà ni kí n wò. 8250 tàbí 8350, ìran kẹjọ nìyẹn. 7300, ìran keje, kí n fi sílẹ̀. Ó jẹ́ kí n tẹ gbogbo lẹ́tà orí kíbọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣí kámẹ́rà, ó fi ojú rẹ̀ sí funfun báláú ká lè wò ó bóyá àmì dúdú wà níbẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ pátápátá.

Láàpútọ́ọ̀pù yìí ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tó wá ń fà, ọ̀rẹ́ àbúrò mi ní kó pa gbogbo nǹkan inú rẹ̀ rẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ìyẹn “Reset this PC”. Ó ṣe é, ó so ó mọ́ détà fóònù rẹ̀, ni ìkíni ilé-iṣẹ́ àjèjì bá jáde.

Ohun tó fà á rèé, mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ tó dára, ilé-iṣẹ́ ńlá ló lò ó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn máa ń forúkọ ẹ̀rọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ Microsoft, kí wọ́n lè máa tò ó kí wọ́n sì máa darí rẹ̀ láti ibi tí wọ́n wà, bí olè bá sì gbé e, kò ní rọrùn fún un láti lò. Tí wọ́n bá wá fẹ́ tà á, àwọn fúnra wọn ló yẹ kó yọ orúkọ náà. Bí wọn ò bá yọ ọ́, ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti tún Windows rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ tí íńtánẹ́ẹ̀tì sì wà níbẹ̀, ẹ̀rọ náà á béèrè olówó rẹ̀. Àwọn tó ń tà á mọ ọ̀nà àbùjá: wọ́n á tò ó láìfi íńtánẹ́ẹ̀tì sí i rárá, á sì máa ṣiṣẹ́ lọ bíi pé kò sí nǹkan kan títí dọjọ́ tí ẹni tó rà á bá tún un ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé kẹ́ ẹ pààrọ̀ ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí. Ara bọ́ọ̀dù ńlá inú rẹ̀ gan-an ni Microsoft fi ń dá a mọ̀.

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, ní Agric, ló ṣàánú wa. Ó ní kí àbúrò mi wá fi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ṣe ìdánwò rẹ̀. Bó ṣe parí, Sábó la gbà lọ tààrà.

Ọmọkùnrin yẹn wò ó, kò tilẹ̀ yà á lẹ́nu. “Àǹtí, èyí ò ṣòro, màá kàn tò ó láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì, á wọlé.” Mo ní, “Tó bá tún nílò àtúnṣe lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́?” Ó dákẹ́. Ọkùnrin kan tó jókòó sídìí owó ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀: “Màdáàmù, ẹ wo rìsíìtì yín. Ọjà tá a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo tòkunbọ̀ ṣe rí.” Kò gbójú sókè nínú fóònù rẹ̀ tó fi sọ ọ́. Mo bi í pé, “Ṣé ẹ mọ̀ pé orúkọ ẹlòmíì wà lórí ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń tà á fún mi?” Ó ní ìyẹn kọ́ ni mo béèrè lọ́jọ́ tí mo rà á, pé ojú ẹ̀ àti kíbọ́ọ̀dù ni mo béèrè. Àbúrò mi ti ń fà mí láṣọ pé ká máa lọ. Mo ní mi ò lọ síbì kankan. Mo fa àga kan, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo oníbàárà tó bá wọlé ni mo ń fi ojú láàpútọ́ọ̀pù náà hàn.

Bí Àlàájà tó ni ṣọ́ọ̀bù ṣe bá wa nìyẹn. Wọn ò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí n rọra sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n wá ní kí ọmọkùnrin náà tún un ṣe lójú àwọn, pẹ̀lú íńtánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù. Ìkíni yẹn náà ló tún jáde. Wọ́n kọjú sí ọkùnrin ìdí owó: “Tó bá jẹ́ pé ọmọ tìẹ ni wọ́n tà á fún ńkọ́?” Kò fèsì. Wọ́n wá sọ fún mi pé, “Ìyá mi, ẹ má bínú. Ẹ ò ní gbé wàhálà kúrò lọ́dọ̀ mi.” Ara mi rọ̀ níbẹ̀.

Òmíràn tó jẹ́ irú kan náà ni wọ́n gbé jáde, wọ́n sì ní wọn ò ní fi lé mi lọ́wọ́ àfi tí wọ́n bá tún un ṣe lójú mi pẹ̀lú íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó gbà tó wákàtí kan, NEPA mú iná lọ láàárín rẹ̀, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n ra omi tútù fún wa. Nígbà tó dé ibi tí ti àkọ́kọ́ ti béèrè í-meèlì, ohun tí èyí béèrè ni bóyá fún ara ẹni la fẹ́ lò ó tàbí fún ibi iṣẹ́. Ìbéèrè yẹn ni kẹ́ ẹ máa retí. Tẹ́ ẹ bá ti rí i láìrí orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan, ẹ lè sanwó yín.

Àlàájà náà ló tún ní kí wọ́n wo bátìrì, mi ò tíì mú un wá sẹ́nu. Ọmọkùnrin yẹn ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, ó tẹ èyí:

```
powercfg /batteryreport
```

Ó gbé ìwé kan jáde, ó sì kọ ibi tó fi pamọ́ sí síbẹ̀. Ìlà méjì péré lẹ máa wò nínú rẹ̀. “DESIGN CAPACITY” ni bí bátìrì náà ṣe lágbára tó nígbà tó wà ní tuntun, “FULL CHARGE CAPACITY” sì ni èyí tó ṣẹ́ kù. Ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ 60,000, ìlà kejì jẹ́ 27,000. Ìyẹn ni pé kò tó ìdajì mọ́. Àlàájà ní kí wọ́n tú bátìrì ara òmíràn wá. Ọmọkùnrin náà tú ìdí méjèèjì, ó to àwọn ìdè kéékèèké sórí bébà kí wọ́n má bàa dàrú, ó pààrọ̀ wọn, ó sì tún tẹ àṣẹ náà. Ó di 49,800. Báyìí, iná lè lọ kí àbúrò mi ṣì fi ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́ta lọ, ìdánwò tí mo sì mọ̀ kì í gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ṣájà ló tún bà á jẹ́. Èyí tí wọ́n fún wa tẹ̀ lé e, a délé ká tó rí i pé wáàtì 45 ni, wáàtì 65 sì ni ẹ̀rọ náà ń fẹ́. Ó ń gba iná, àmọ́ ó ń falẹ̀, ìkìlọ̀ sì ń jáde lójú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Mo padà lọ. Àlàájà ò sí ńlé. Ọkùnrin ìdí owó yẹn ló gba ₦8,000 lọ́wọ́ mi kó tó pààrọ̀ rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ṣájà ò sí nínú àdéhùn. Láàpútọ́ọ̀pù wo ni wọ́n ń tà láìsí ṣájà tó bá a mu? Kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ṣájà kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú wọn.

Ẹ̀bùn náà fúnra rẹ̀, kò sí ohun tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀. Kéèkì ti tán tipẹ́. Àbúrò mi ṣì ń retí NYSC, iṣẹ́ tó ṣe ìdánwò fún ò tíì dá a lóhùn, àmọ́ obìnrin kan tó ní ilé oògùn ní Ìgbógbó ti gbé ìwé ọjà rẹ̀ fún un. Ní alaalẹ́, ó ń kọ ohun tí wọ́n tà àti ohun tó kù nílẹ̀ sínú Excel, ìparí oṣù ni wọ́n ń sanwó fún un. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ti kọ ọ́ sínú ìwé tó fi ń wáṣẹ́ pé òun ń ṣe ìwé owó fún ilé ìtajà kan, òótọ́ sì ni.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ní olówó, wọ́n sì tà á fún mi láìsọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Màá kọ́kọ́ béèrè bóyá Àlàájà wà ní ṣọ́ọ̀bù. Tí wọ́n bá wà, ọ̀dọ̀ wọn náà ni màá ti ra tiẹ̀.