Mo ti fi kóòdù tuntun Alhaja sanwó: ohun tó dùn níbẹ̀ àti ibi tó kù sí

Ara gíláàsì búrẹ́dì ni Alhaja tó ń ta pùrófíṣàn ládùúgbò wa, ní Àpáta, Ìbàdàn, lẹ ìkéde náà mọ́. Kóòdù QR wà lókè, ọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀:

"Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ lè fi fóònù sanwó báyìí. Ẹ ṣí áàpù báńkì yín, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Scan to Pay tàbí QR sí, kí ẹ kọjú fóònù sí kóòdù yìí. Ẹ wo orúkọ tó bá jáde dáadáa. Ẹ kọ iye owó ọjà yín kí ẹ tó tẹ PIN. Ẹ jẹ́ kí àláàtì wa dún kí ẹ tó gbé ọjà. A kì í gba rìsíìtì orí fóònù. Ẹ ṣeun."

Láti ìgbà tó ti lẹ̀ ẹ́ ni mo ti ń fi sanwó mílíìkì àti ọṣẹ. Ó yá ju tíránsífà lọ, torí kò sí pé èèyàn ń ka nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó wà nínú àkáǹtì lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ ń pòṣé. Wọn ò sì yọ kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ mi, nígbà tó jẹ́ pé báńkì mi máa ń yọ owó lórí tíránsífà.

Gbólóhùn "ẹ ṣí áàpù báńkì yín" ló yẹ kí Alhaja fi lẹ́tà gàdàgbà kọ. Ọ̀pọ̀ ló ń fi kámẹ́rà lásán ya kóòdù náà. Ohun tí wọ́n máa rí ni nọ́ńbà gbọọrọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `000201`, ni wọ́n á bá pariwo pé kóòdù ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o. Àpèjúwe ibi tí owó ń lọ ni: `566` inú rẹ̀ ni náírà, `NG` sì ni Nàìjíríà. Áàpù báńkì ló gbọ́ èdè yẹn. Báńkì tèmi kì í ṣe báńkì Alhaja, síbẹ̀ ó ń lọ, nítorí NIBSS tó so àwọn báńkì wa pọ̀ ti gbé ètò kan ṣoṣo kalẹ̀ fún gbogbo wọn lọ́dún 2021, tí wọ́n ń pè ní NQR.

Bébà ni, kò mọ ohun tí o rà. Ìwọ lo máa kọ iye owó fúnra rẹ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wà níwájú mi ra ọjà ₦4,350, ó kọ 43500, ó sì tẹ PIN. Àláàtì dún, Alhaja wo fóònù, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ ra gbogbo ṣọ́ọ̀bù ni?" Ó ka ọjà rẹ̀ lójú wa, ó sì fi tíránsífà dá ₦39,150 padà fún un. Tí ó bá jẹ́ ọlọ́jà míì, ẹjọ́ nìyẹn. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá kan máa ń gbé kóòdù tí iye owó ti wà nínú rẹ̀ jáde lójú ẹ̀rọ fún ọjà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kì í gba irú àṣìṣe yìí, ṣùgbọ́n ti Alhaja kò tíì débẹ̀.

Ní ti orúkọ, mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ pátápátá. Ẹnikẹ́ni lè tẹ sítíkà tiẹ̀ lé kóòdù ẹlòmíì lórí, kí owó máa wọlé sápò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Alhaja fi lẹ tiẹ̀ mọ́ inú gíláàsì, níbi tí ọwọ́ kò dé. Àmọ́ orúkọ tó ń jáde kì í ṣe èyí tí gbogbo àdúgbò fi ń pe ṣọ́ọ̀bù náà. Orúkọ tó fi ṣí àkáǹtì ni. Àwọn kan rí i, wọ́n fà sẹ́yìn. Ó ti wá fi báírò kọ orúkọ náà sábẹ́ kóòdù báyìí, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.

Ìgbà kan wà tí wọ́n yọ owó lọ́wọ́ mi tí àláàtì kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ kọ́ ni kí èèyàn tún ya kóòdù lẹ́ẹ̀kejì, torí èyí àkọ́kọ́ ṣì lè wọlé. Ibi àkọsílẹ̀ ìnáwó nínú áàpù ni mo lọ, mo rí "Pending". Mo fi ọjà sílẹ̀, mo lọ sílé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, owó ti wọlé sí i. Inú bí mi díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò bá a wí: ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ni àwọn oníjìbìtì ti fi rìsíìtì ayédèrú gba ọjà lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó kù ni iná. Lálẹ́, gílóòbù òkè ń tàn yòò lára gíláàsì náà, fóònù kì í rí kóòdù kà. Ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí ẹ yí fóònù sí ọ̀tún tàbí òsì, á kà á. Mo ti ní kí Alhaja tẹ òmíràn tó tóbi ju èyí lọ, ó ní lẹ́yìn ọjà Sátidé.