Kí ẹ tó háyà ṣẹ́fà: ìfiwéra àwọn ọ̀nà tí ímeèlì áàpù yín lè gbà jáde

Mo kọ áàpù kan fún ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè n'Ìbàdàn. Lórí kọ̀ǹpútà mi nílé, rìsíìtì ń dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà wàrà láti inú Gmail, ní pọ́ọ̀tù 587, ọ̀kan nínú àwọn ẹnu ọ̀nà oní-nọ́ńbà tí ímeèlì ń gbà jáde. Ọjọ́ tí a gbé e sórí ṣẹ́fà tí a háyà, ẹyọ kan kò jáde mọ́. Ojú ìwé á dúró gbagidi fún ìṣẹ́jú méjì, lẹ́yìn náà ni á wá kọ `ETIMEDOUT`. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ páásíwọ́ọ̀dù kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ká ní òun ni, Gmail ì bá dá wa lóhùn pẹ̀lú `535`. Tí ẹ kò bá gbọ́ ohùn kankan rárá, ó ṣeé ṣe gan-an pé ẹni tó ni ṣẹ́fà ló ti ọ̀nà pa. Ṣíṣí fáyáwọ́ọ̀lù inú ṣẹ́fà yín kò sì lè tú u, nítorí ìta ni wọ́n ti dí i.

Ìdí tí wọ́n fi ń dí i yéni. Àwọn oníjìbìtì máa ń háyà ṣẹ́fà, wọ́n á fi da ímeèlì ẹ̀tàn sígboro, orúkọ burúkú á sì lẹ̀ mọ́ àdírẹ́sì tí oníbàárà mìíràn yóò jogún lọ́la. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń dí i yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì, ibẹ̀ ni kí ẹni tó fẹ́ rà ti la ojú.

Ẹ gbé DigitalOcean àti Hetzner síra wọn. Lórí Droplet, ìyẹn ṣẹ́fà tí DigitalOcean ń fi háyà, wọ́n ti pọ́ọ̀tù 25, 465 àti 587 pa látìbẹ̀rẹ̀. Hetzner ti 25 àti 465 pa lórí ṣẹ́fà kíláòdù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi 587 sílẹ̀. Ẹ sì lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí àwọn yòókù lẹ́yìn oṣù àkọ́kọ́, tí ẹ bá ti san owó rẹ̀. Nítorí náà, áàpù tó ń lo Gmail ní 587 yóò ṣiṣẹ́ ní Hetzner láìyí ohunkóhun padà, yóò sì kú sílẹ̀ ní DigitalOcean. Google Compute Engine rọ̀ ju méjèèjì lọ: 25 nìkan ló tì.

Tí DigitalOcean bá tẹ́ yín lọ́rùn nítorí nǹkan mìíràn, ẹ má torí èyí sá. Ilé-iṣẹ́ tó ń báni fi ímeèlì ránṣẹ́ lẹ ó fi kún un. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bíi Postmark, Mailgun àti SendGrid, ń gba SMTP, ìlànà tí áàpù fi ń fi ímeèlì ránṣẹ́, ní 2525, pọ́ọ̀tù tí àwọn oníṣẹ́fà kì í sábà dí. Gmail kò ní in. Ẹ wọ inú ṣẹ́fà, kí ẹ fi méjèèjì wéra:

```
nc -vz -w 5 smtp.gmail.com 587
nc -vz -w 5 smtp.postmarkapp.com 2525
```

Tí èkíní bá kọ `timed out`, tí èkejì sì kọ `succeeded`, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Nínú Nodemailer, èyí tí áàpù mi fi ń fi ímeèlì ránṣẹ́, ohun tí mo yí padà kò ju èyí lọ, yàtọ̀ sí orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù:

```
host: "smtp.postmarkapp.com",
port: 2525,
secure: false,
requireTLS: true
```

`secure: false` yẹn máa ń dẹ́rù ba èèyàn. Kò túmọ̀ sí pé lẹ́tà yín wà ní gbangba. Ohun tó ń sọ ni pé ìsopọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ lásán, kí ó tó yí sí èyí tí a fi bò. `requireTLS` sì ni kò ní jẹ́ kí ó kọ̀ láti yí. Tí ẹ bá kọ `true` síbẹ̀, `wrong version number` lẹ ó rí.

Ọ̀nà kejì ni API ilé-iṣẹ́ ímeèlì náà, tó ń gba 443, ọ̀nà kan náà tí wẹ́ẹ̀bù ń gbà, nítorí náà ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni dí i. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún áàpù tuntun. Ṣùgbọ́n kóòdù yín á so mọ́ ilé-iṣẹ́ kan. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kúrò, ẹ ó tún un kọ. Pẹ̀lú 2525, ẹ kàn pààrọ̀ orúkọ ṣẹ́fà ímeèlì àti páásíwọ́ọ̀dù ni. Fún áàpù tó ti wà nílẹ̀, 2525 ni mo máa mú.

Owó kan wà tí àwọn èèyàn kì í kà mọ́ ọn: dómènì. Àdírẹ́sì tó parí sí gmail.com kò yẹ fún irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Postmark kì í gbà á rárá. A ní láti ra dómènì fún ìyá aláṣọ òkè náà, kí a sì fi àkọsílẹ̀ DKIM, tó ń jẹ́rìí pé ọ̀dọ̀ dómènì náà ni lẹ́tà ti wá, sínú DNS rẹ̀, kí rìsíìtì àkọ́kọ́ tó jáde.

Iye àkókò tí ẹ bá lò ni Hetzner àti DigitalOcean ń gba owó lé. Ẹ háyà ṣẹ́fà tó kéré jù, ẹ tẹ àṣẹ `nc` méjèèjì yẹn síbẹ̀, kí ẹ sì pa á rẹ́ tí èsì rẹ̀ kò bá bá áàpù yín mu.