4% àbí 3%: èwo lẹ máa fi ṣírò owó tẹ́ ẹ fi máa fiṣẹ́ sílẹ̀?

4% tàbí 3% yìí ni ìpín tẹ́ ẹ máa yọ ná lọ́dún àkọ́kọ́ nínú owó tẹ́ ẹ ti kó jọ, tẹ́ ẹ bá fiṣẹ́ sílẹ̀. Ká ní ẹnì kan ní Houston ń ná dọ́là 40,000 lọ́dún, rẹ́ǹtì, oúnjẹ, owó orí, èyí tó ń fi ránṣẹ́ sílé, gbogbo ẹ̀ pátá. Tó bá lo 4%, á pín 40,000 sí 0.04, ó jẹ́ mílíọ̀nù kan dọ́là. Tó bá lo 3%, ó di bíi 1,333,000. 1% péré ló yàtọ̀ o, ẹ wá wo owó tó gun orí ẹ̀!

4% yẹn, William Bengen, agbaninímọ̀ràn nípa owó ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1994, ó wọ̀n ọ́n bóyá owó náà máa gbé èèyàn fún ọgbọ̀n ọdún, pẹ̀lú ṣíà àti bọ́ǹdì Amẹ́ríkà. Ọdún àkọ́kọ́ nìkan lèèyàn ń yọ 4%, lẹ́yìn ẹ̀ á kàn máa fi iye tí ọjà fi wọ́n sí i kún un. Ẹni ọdún 65, ó tó o jàre. Àmọ́ ẹni 40 tó fẹ́ kówó gbé òun dé 90, 3% lèmi máa mú, torí tí ṣíà bá já lulẹ̀ lọ́dún méjì-mẹ́ta àkọ́kọ́, tó wá ń tà á lówó pọ́ọ́kú kó lè rówó jẹun, èyí tó kù lè má gbérí mọ́, kódà tí owó ṣíà bá padà gòkè.