Kí a bá ayálégbé gbé, tàbí kí a kó jáde fún un?

Ká ní ẹni méjì ra ilé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n tà á lẹ́yìn ọdún 10, kálukú sì jèrè £120,000. Èrè yìí ni ìjọba ń gba owó-orí lé lórí, àmọ́ kì í gba ti apá tí onílé fúnra rẹ̀ gbé.

Ìyá kan kò kó kúrò nínú tirẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti gba ayálégbé sí àwọn yàrá òkè, ìdá 40 nínú 100 ilé náà, wọ́n sì jọ ń dáná nínú kíṣíìnì kan. Ìdá 60 tí òun ń gbé mú £72,000 bọ́ lọ́wọ́ owó-orí. Nínú £48,000 tó kù, ẹ̀dínwó ti ayálégbé, tí òfin fún onílé tó ń bá ayálégbé gbé, tún yọ £40,000, ìyẹn òpin rẹ̀. £8,000 péré ló ṣẹ́ kù.

Bàbá kejì gbé gbogbo ilé tirẹ̀ fún ọdún 6, ó kó jáde, ó sì fi í háyà fún ọdún 4. Oṣù 72 tó gbé, pẹ̀lú oṣù 9 ìkẹyìn tí òfin fún un, jẹ́ 81 nínú 120. £81,000 bọ́, £39,000 kù. Kò rí ẹ̀dínwó ayálégbé gbà rárá: láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2020, ẹni tó ń bá ayálégbé gbé nìkan ló wà fún. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ èèyàn wa ṣì gbọ́kàn lé òfin àtijọ́.

Bí wọ́n bá yọ £3,000 tí a kì í san owó-orí lé lórí lọ́dún, tí wọ́n sì san ìdá 24 nínú 100 lórí ìyókù, ìyá á san £1,200, bàbá á san £8,640.

Ti ìyá ni mo fara mọ́. Ṣùgbọ́n bí òkè bá ní kíṣíìnì àti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ilé ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa kà á sí, ẹ̀dínwó yẹn á sì bọ́.