Táǹkì omi: ká sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, àbí ìlọ́po mẹ́ta?

Ẹ jẹ́ ká mú táǹkì onírin kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Ojú 6 ló ní, nítorí náà mítà onígun-mẹ́rin 6 ni páànù rẹ̀; omi inú rẹ̀ jẹ́ lítà 1,000.

Bí ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá di mítà 2, ojú kọ̀ọ̀kan á di 2 × 2. Páànù á di 24, ìlọ́po 4, àmọ́ omi á di 2 × 2 × 2, ìyẹn lítà 8,000. Ní mítà 3, páànù á di 54, ìlọ́po 9. Omi á di lítà 27,000. Ẹni tó bá gbé gíga nìkan sókè sí mítà 3 kò ní rí ju lítà 3,000 lọ.

Ní ti páànù, mítà 3 ló ṣàǹfààní jù. Ìwúwo ni ìṣòro: lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Tọ́ọ̀nù 27 á wà lórí ìdí tí kò ju mítà onígun-mẹ́rin 9 lọ, ìyẹn tọ́ọ̀nù 3 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti mítà 2 jẹ́ tọ́ọ̀nù 2. Bó bá jẹ́ orí òpó la fẹ́ gbé e sí, mítà 2 ni màá yàn.