Gọ̀bì inú fọ́tò: ká yí i sódì ni, àbí ká tún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kùn?

Oníbàárà kan ní Ọ̀fà fẹ́ kí n fi gọ̀bì aṣọ òkè rọ́pò fìlà tó dé nínú fọ́tò rẹ̀. Apá òsì fọ́tò ni ìmọ́lẹ̀ ti wá. Ọ̀tún ni ìmọ́lẹ̀ ti gọ̀bì tí mo fẹ́ lò ti wá.

Flip Horizontal inú Photoshop, tó ń yí àwòrán sódì bíi ti dígí, ló yá jù. Kíá, òjìji gbogbo ìṣẹ́po aṣọ ti bọ́ sí ibi tó yẹ. Fún gèlè, èmi ò ní wá ọ̀nà mìíràn. Àmọ́ gọ̀bì tó tẹ̀ sí ọ̀tún á wá tẹ̀ sí òsì, oníbàárà á sì rí i kíákíá! Bí wọ́n bá kọ orúkọ sí i lára, lẹ́tà á kọ ẹ̀yìn.

Èkejì gba sùúrù: fi léyà Soft Light tó jẹ́ 50% Gray lé fìlà, kí o fi Dodge tan òkè ìṣẹ́po ní òsì, kí o fi Burn ṣú ọ̀tún rẹ̀. Ìṣẹ́po jíjìn kì í gbà, torí òjìji dúdú ti gbé fọ́nrán òwú mì. Nínú méjèèjì, ìlà òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà níwájú orí lábẹ́ etí fìlà. Láìsí i, fìlà á léfòó.